Òjìji Inú Ìwé Àdéhùn Ìyá Oníbúrẹ́dì

“Kò sí ìwé tí òyìnbó lè kọ tí yóò pa Oyèlékè lẹ́nu mọ́!”

Bàbá Oyèlékè ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí àga rẹ̀ níwájú ilé ní Ṣakí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyà ara rẹ̀ bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn onígbèsè. Ọyẹ́ ọdún 1982 kò ṣeé fẹnu sọ. Oòrùn ọ̀sán gangan rí bàìbàì lójú sánmà, eruku sì ti bo òkè débi pé èèyàn ò mọ ibi tí àpáta parí sí tí òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Adájọ́ mẹ́jọ ni mo sìn. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ tó le, èmi ni mò ń fi omi tútù sí i kí ará ilé wa tó lè gbé e mì. N ò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan sódì rí. Ìwé tí aláàyè kọ, màá kà á. Ìwé tí òkú kọ, kó ṣáà ti hàn kedere!”

Florence ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìntì, ń ṣa ẹ̀wà lápá kejì. Kò gbójú sókè.

“Ẹ rọra pe àwọn òkú o. Àwọn kan nínú wọn ò níṣẹ́ lọ́sàn-án.”

Ẹni tí bàbá ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ni, Ìyá Abíọ́nà, oníbúrẹ́dì ojú ọ̀nà Ìgbòho, obìnrin kékeré kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbé agolo bisikíìtì kan sórí ẹsẹ̀, ó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Nígbà tí bàbá fẹnu mọ́lẹ̀ láti mí, ó ráyè sọ tirẹ̀.

“Bàbá, ọjọ́ kẹta òní, ìyẹn Sátidé, ni wọ́n ní kí n kó jáde. Ẹ sì mọ̀ pé Bàbá Fádáhùnsí ọdẹ, tó ni ilé tí mo ń gbé, ti kú nígbà òjò. Olúkúnlé ọmọ wọn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ló kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní mo mọ ààrò búrẹ́dì sí ẹ̀yìnkùlé láìgba àṣẹ, mo ti dalẹ̀ àdéhùn. Ó fún mi ní ọjọ́ méje kí n lọ, kí n fi ààrò sílẹ̀.”

“Kí o fi ààrò sílẹ̀! Ó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì ni?”

“Ó ti bá oníbúrẹ́dì kan láti Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀.” Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Bàbá, ààrò yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ márùn-ún. Wọn ò lè gbé ààrò sórí lọ síbòmíràn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, mo parí nìyẹn.”

“Ìwé àdéhùn wá dà?”

Àtọ́kẹ́ ṣí agolo. Kì í ṣe ìwé ló wà níbẹ̀. Fótò mẹ́rin ni, dúdú àti funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ojúlówó ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún, onílé ló mú un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ìwé kọ kò tíì dé Ṣakí nígbà náà, ni wọ́n bá pe Jímọ̀ onífótò, wọ́n tẹ́ ìwé sórí ẹní ní àgbàlá, ó sì ya ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ya ìyàwó.

“Ẹ rántí ìwé náà, bàbá?” Àtọ́kẹ́ bi í, ó rọra ń wò ó lójú.

“Ìwé wo? N ò rí i rí láyé mi. Mú un wá.” Ó fi awò ojú rẹ̀ bojú. “Gbọ́ o. Ewé kìíní rèé. Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1979. Fádáhùnsí ni onílé, Àtọ́kẹ́ ni ayálégbé. Ilé oníyàrá mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìgbòho, pẹ̀lú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi yá ọ. Kà á lórí ìka: yóò parí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1983. Owó ilé, ọdọọdún, ṣíwájú. O ti san tọdún yìí?”

“Mo ti san. Mo ní rìsíìtì.”

“Ó dáa. Ó tún ní, níbikíbi tí a bá ti kọ ‘onílé’, àrólé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ikú onílé kò pa àdéhùn. Ohun tí bàbá fọwọ́ sí ti di ọmọ lọ́wọ́. Òkú yẹn ṣì wà nínú ìwé yìí digbí, ó kàn ń fi ẹnu ọmọ rẹ̀...”

Ó sún fótò mọ́ ojú.

Ní igun òkè ewé náà, òjìji kan wà. Nǹkan méjì tó ṣe ṣóńṣó ló yọ sórí ìwé láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì.

“Eruku ni,” ó ní, ó fi aṣọ nù ún. Kò nù.

Ó mú ewé kejì. “Èyí ni ohun tí ìwọ ayálégbé gbọ́dọ̀ ṣe. Èkíní, kí o san owó ilé lásìkò. Èkejì, owó omi àti ti iná, ìwọ ni. Ẹ̀kẹta, inú ilé, ìwọ ni o máa tọ́jú rẹ̀: ilẹ̀kùn, fèrèsé, ọ̀dà ògiri. Ẹ̀kẹrin, o kò gbọ́dọ̀ fi ilé yá ẹlòmíràn gbé láìgba àṣẹ. Ẹ̀karùn-ún.” Ó tọ́ ètè lá. “Ẹ̀karùn-ún ni wàhálà. O kò gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kún ilé tàbí yí i padà, àfi tí onílé bá kọ́kọ́ fún ọ láṣẹ, kí àṣẹ náà sì wà nínú ìwé. Ṣé o gbọ́? Nínú ìwé. Kì í ṣe lẹ́nu.”

“Bàbá Fádáhùnsí gbà. Wọ́n pa obì fún mi níṣojú èèyàn. Wọ́n ní, ‘Mọ ààrò rẹ, kí n lè máa rí búrẹ́dì gbígbóná jẹ.’”

“Obì kì í ṣe ìwé, Ìyá Abíọ́nà! Ta ló máa pe obì sí kóòtù?”

“Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, bàbá. Ẹni tó ka ìwé fún wa lọ́jọ́ náà fi bírò kọ ọ̀rọ̀ ààrò sí ìsàlẹ̀ ewé tó kẹ́yìn. Mo rí i tó kọ ọ́.”

“Ta ni ẹni yẹn?”

Àtọ́kẹ́ wo ilẹ̀. “Àgbà kan ni, sà.”

“A! Àgbà ìyà! Mo mọ irú wọn. Àwọn ògbufọ̀ abẹ́ igi, tí wọ́n ń fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sanwó fún! Kí ló dé tí kò kọ ọ́ sí abala tirẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé? Òmùgọ̀ ni. Bí mo bá rí i, n ó fi etí rẹ̀ ṣe àgbékọ́.”

Ikọ́ há Florence lọ́fun lójijì. Ó wúkọ́, wúkọ́, títí ẹ̀wà fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Oyèlékè kò rí i. Ewé kejì ló ń wò. Òjìji náà ti wọlé sí i. Nǹkan méjì tó yọ ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan ti ní orí nísàlẹ̀ wọn báyìí. Fìlà abetí ajá ni, etí méjèèjì nà síta. Ta ni kò mọ fìlà yẹn ní Ṣakí? Bàbá Fádáhùnsí kì í ṣí etí fìlà rẹ̀ sókè. Ó ní etí fìlà ló fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó.

Bàbá fi ìka méjì péré mú ẹ̀kẹta.

“Èyí... èyí ni ohun tí onílé náà gbọ́dọ̀ ṣe fún ọ. Òrùlé àti ògiri ìta, òun ni yóò tún un ṣe. Bí o bá ń sanwó, tí o sì ń pa òfin mọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o gbádùn ilé ní ìrọ̀rùn, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, òun tàbí ẹnikẹ́ni tó wá lórúkọ rẹ̀. Ó lè wọlé wá wò bí o ṣe ń tọ́jú ilé, ṣùgbọ́n ní ojúmọmọ, kí ó sì kọ́kọ́ fi ọjọ́ méjì ránṣẹ́ sí ọ.”

“Ní ojúmọmọ,” ni Àtọ́kẹ́ wí. Ó fa ìborùn mọ́ra. “Bàbá, láti ìgbà tí wọ́n ti kú, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí iná ààrò ti kú, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé. Kó, kó, kó. Bí ẹni ń fi ọ̀pá yẹ ògiri wò.”

Adìyẹ kan tó ń họ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá Oyèlékè fi ìka tọ ìlà tó tẹ̀ lé e. “Abala tó kàn ni pé bí o bá jẹ owó ilé ju ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ, tàbí o rú òfin kan, onílé lè gba ilé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Kò lè kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ síta. Yóò fún ọ ní ìwé ìkìlọ̀ tó pé, yóò sì gbé ọ lọ sí kóòtù. Ọjọ́ méje tí ọmọdé yẹn kọ sínú lẹ́tà, ẹnu lásán ni. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù tí a kò rí àṣẹ ààrò nínú ìwé, àwa la máa jẹ̀bi.”

Ó sọ èyí tán láìgbé ojú kúrò lára fótò. Òjìji náà ti tẹ̀ síwájú. Fìlà ti dé àárín ìwé. Lábẹ́ fìlà, àgbọ̀n wà. Lábẹ́ àgbọ̀n, irùngbọ̀n ṣóńṣó kan, tó rọ̀ sílẹ̀ bí èyí tí Bàbá Fádáhùnsí máa ń fi ìka lọ́ bó bá ń ronú. Ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ sórí ìwé láti kà á.

Ó kan ewé kẹrin. Bàbá Oyèlékè fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù.

Lókè, gbogbo rẹ̀ hàn: ibi tí onílé ti fọwọ́ sí i, ibi tí Àtọ́kẹ́ ti tẹ àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, dúdú ni. Orí náà ti sùn lé ìwé. Fìlà, àgbọ̀n, irùngbọ̀n, gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ibi tí Àtọ́kẹ́ ní wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ààrò sí. Igun ìsàlẹ̀ ìwé náà kò sì sí mọ́. Ẹnìkan ti fi eyín já a.

“Ibẹ̀ gan-an ni,” ni Àtọ́kẹ́ wí.

“Ó sùn lé e,” ni bàbá sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. “Kò fẹ́ ká rí i.”

Florence dìde, ó gba ọpọ́n ẹ̀wà. “Ẹ ní kó ṣáà ti hàn kedere, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ wí?”

*

Bí èèyàn bá ti fọ́nnu níwájú aya rẹ̀, ó di dandan kó rìn. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Oyèlékè gba ẹ̀yìnkùlé Àtọ́kẹ́ lọ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ onífótò. Ó ní òun fẹ́ wo ààrò. Ààrò náà wà níbẹ̀, amọ̀ pupa, ó rí rìbìtì bí ikùn abiyamọ, ẹnu rẹ̀ dúdú. Kò sí ẹlòmíràn lágbàlá. Ọ̀sán pọ́n. Bàbá sì gbọ́ ọ.

Kó.

Ó dúró.

Kó, kó.

Láti inú ògiri ni ó ti wá, ó rọra, kò kánjú, bí ọ̀pá àgbà tó mọ̀ pé ilé òun ni òun ń rìn. Ẹ̀rù ba bàbá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò sáré. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ ti wà ní ilé Jímọ̀.

Jímọ̀ onífótò jẹ́ ọkùnrin tó gùn tó sì tinrin, tí ojú kan rẹ̀ máa ń pajú ju èkejì lọ nítorí iṣẹ́. Ó yẹ fótò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ó gbọn orí.

“Bàbá, n ò rí òjìji kankan lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá ń yàwòrán, orí mi ń bẹ nínú aṣọ dúdú, inú jígí nìkan ni mò ń wò, bóyá ọ̀rọ̀ náà mọ́. Bàbá Fádáhùnsí kọ́ ni. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i tán ni wọ́n gbé ìbọn wọn, wọ́n gba oko lọ. Èmi gan-an ni mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kí n tó padà wá ya ewé kìíní.”

“Ta wá ni?”

Jímọ̀ dìde. Ó lọ ṣí àpótí fíìmù àtijọ́ rẹ̀, ó wá a títí ó fi rí i, ó gbé e sí ojú ọ̀run. “Ó wà nínú fíìmù. Kì í ṣe ara ìwé fótò.” Ó ronú. “Ṣùgbọ́n òjìji kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́, bàbá. Ó kàn ń bò ó ni. Bí mo bá ń tan iná sórí ìwé fótò láti tẹ̀ ẹ́, tí mo bá dá iná dúró díẹ̀ lórí ibi òjìji, tí mo jẹ́ kí ó dé ibòmíràn bó ṣe yẹ, ibẹ̀ kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. A lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.”

“A máa... gbé orí rẹ̀ kúrò?”

“A máa gbé e díẹ̀.”

Yàrá dúdú Jímọ̀ kò tó yàrá ìwẹ̀. Ó fi aṣọ òkùnkùn dí gbogbo ihò, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń pariwo lẹ́yìn ilé, iná pupa kan ṣoṣo ló wà lórí wọn. Bàbá Oyèlékè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú iná náà, ó sì rí bí ọwọ́ ẹni tí a bó awọ rẹ̀. Jímọ̀ tan iná ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ìwé fótò. Ó mú wáyà kan tí páálí kékeré wà lórí rẹ̀, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, kó má bàa dá ààlà. Lẹ́yìn náà, ó ti ìwé bọ inú omi oògùn.

Kò sí nǹkan kan. Funfun ni.

Lẹ́yìn náà orí náà yọ.

Etí ló kọ́kọ́ yọ, ọ̀kan, ìkejì. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà irùngbọ̀n. Ó ń ti inú omi bọ̀ láìyára, bí ẹni tó ti rin ọ̀nà jínjìn. Bàbá Oyèlékè di ọwọ́ Jímọ̀ mú. Kì í ṣe dúdú birimù bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ti rọ̀, ó ti di eérú, lábẹ́ eérú náà, nǹkan tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde. Lẹ́tà ni. Lẹ́tà bírò.

“Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀!” ni Jímọ̀ kígbe. “Bàbá, ẹ kà á!”

Bàbá Oyèlékè tẹ̀ ba. Lábẹ́ irùngbọ̀n òkú, níbi tó ṣókùnkùn jù, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sí. Kì í ṣe ààrò ló kà. Orúkọ kan ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Oyèlékè.

Òkú ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú omi!

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kú. Òkùnkùn dì. Nínú òkùnkùn náà, ariwo kan sọ, ó jọ ti ẹni tó ṣubú lu garawa omi. Jímọ̀ ní kí wọ́n má bi òun ní ẹni tó ṣubú, nítorí òun bọ̀wọ̀ fún àgbà.

*

Bàbá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Florence ló wẹ omi oògùn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Jímọ̀ gbé fótò náà wá lẹ́yìn ìgbà tó ti gbẹ, Florence ló gbà á, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kan tí bàbá fúnra rẹ̀ fi kọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà.

“Ẹ wo ‘Y’ tó wà níbí. Ẹ wo ‘Y’ tó wà lọ́hùn-ún.”

Bàbá wò ó. Ìrù ‘Y’ náà lọ́ bí ìrù alángbá, nínú àwọn méjèèjì.

“Ọjọ́ ọdún tuntun 1979,” ni Florence wí. “Ẹ lọ túmọ̀ ìwé fún Bàbá Fádáhùnsí. Ẹ padà wálé, ẹ ní ẹ ò rántí ibi tí ẹ lọ. Agbè ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan tó ṣófo lẹ gbé bọ̀.”

Bàbá Oyèlékè bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Florence, o lè pè mí ní òmùgọ̀ nísinsìnyí.”

“Ẹ ti pe ara yín láná.”

*

Sátidé dé. Olúkúnlé ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú rẹ̀, ó wọ aṣọ kóòtù òyìnbó nínú ọyẹ́, ó mú àgádágodo tuntun lọ́wọ́, tó ń dán bí eyín. Àtọ́kẹ́ dúró lẹ́nu ààrò. Ó ti kó ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó àwo kan. Búrẹ́dì wà nínú ààrò. Jímọ̀ wà níbẹ̀, Florence wà níbẹ̀, Bàbá Oyèlékè sì wà níbẹ̀ nínú bàtà méjèèjì.

“Ẹ káàsán, bàbá,” ni Olúkúnlé wí. “N ò wá ṣe àríyànjiyàn. Abala karùn-ún kò rújú: àṣẹ inú ìwé. Obìnrin yìí kò ní.”

“Ojúlówó ìwé dà?”

“Ó wà ní Ìbàdàn, bàbá.”

“Ṣé o ti kà á dé ìsàlẹ̀?”

Olúkúnlé pajú. “Mo ti kà á.”

“Jọ̀wọ́, ka èyí fún mi. Ojú mi ti ń dùn mí.”

Ó fi fótò náà lé e lọ́wọ́. Olúkúnlé gbé e sójú. Àgádágodo já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló rí. Fìlà ló rí, etí méjèèjì síta. Irùngbọ̀n ló rí, orí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé, tó ń wo ohun tí wọ́n kọ.

“Bàbá mi,” ó ní.

Kó, ni ògiri ààrò wí lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Kó, kó. Ọyẹ́ fẹ́ sí wọn lẹ́yìn ọrùn. Florence fúnra rẹ̀, tó ti di ojú òkú tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Olúkúnlé fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú kóòtù òyìnbó rẹ̀.

“Mo rí i! Bàbá mi, ẹ má bínú, mo rí i nínú ojúlówó! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó rántí!”

Kì í ṣe ẹnu nìkan ló ya Bàbá Oyèlékè, gbogbo ara ló yà á. Ṣùgbọ́n eléré kì í jẹ́ kí ìtàgé ṣófo. Ó gba fótò, ó na ọrùn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ ní ohùn kóòtù:

“‘Onílé gbà kí ayálégbé mọ ààrò búrẹ́dì kan sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, kí ó wó o, kí ó sì tún ilẹ̀ ṣe bó ti wà.’ Fádáhùnsí fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ààrò ti obìnrin yìí ni, Olúkúnlé, bàbá rẹ sì gbà á nínú ìwé. Ìwọ ni àrólé. Ohun tó so bàbá rẹ ti so ọ́. Títí 1983 yóò fi parí, o kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ó kọ pé...” Ó dín ohùn kù. Ó wo Àtọ́kẹ́, ó sì wo ilẹ̀. “Pé ẹnìkan ka ìwé yìí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ayálégbé tí kò mọ̀wé, ó sì yé e yékéyéké kí ó tó tẹ àtàǹpàkò. Orúkọ àti àdírẹ́sì ògbufọ̀ náà wà níbẹ̀, bí òfin ṣe wí. Èmi ni.”

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni Àtọ́kẹ́ wí.

Olúkúnlé kò dúró kó gbọ́ ìyókù. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà ara rẹ̀ pé òun ti gba ọ̀rọ̀ òun padà, pé ààrò àti obìnrin náà wà níbi tí wọ́n wà. Jímọ̀ àti Florence ṣe ẹlẹ́rìí. Ó rìn jáde sẹ́yìn-sẹ́yìn, ó gbàgbé àgádágodo.

Bí ó ti lọ tán, Bàbá Oyèlékè tún àyà ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ti padà sójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi padà sí àyà náà pẹ̀lú.

“Ẹ ò rí i bí? Àṣé kò sùn lé e láti fi pamọ́! Ó ń ṣọ́ ọ ni! Àgbà ọdẹ! Ó mọ̀ pé ọmọ òun máa hùwà ìkà, ó ti fi orí ara rẹ̀ ṣe ìdérí fún ọ̀rọ̀ tí èmi Oyèlékè kọ, kí ó tó kú rárá! Ó ń rìn ní ojúmọmọ bí ìwé ṣe wí! Jímọ̀, tẹ ọ̀kan fún mi, n ó gbé e kọ́ sí pálọ̀.”

“Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan fíìmù yẹn mọ́, bàbá,” ni Jímọ̀ wí.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ni Florence wí, ó ti tẹrí ba.

Kó, ni amọ̀ ààrò tó ń tutù wí.

Àtọ́kẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ààrò, ó fi pátákó fa búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, ó fi èékánná kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Ó wo fótò tó wà lọ́wọ́ bàbá.

“Ewúrẹ́ mi lẹ ń wò yẹn,” ó ní. “Ó já okùn nígbà tí Jímọ̀ ń ya ìwé. Ẹ̀yin ti sùn lọ nígbà yẹn, sà.”